“BÀBÁ ỌMỌ DÀ?”: Ìwé Tó Yẹ Kó Wà Lọ́wọ́ Ìyá Tó Bá Fẹ́ Dá Gbé Ọmọ Rìnrìn Àjò

Kí lorúkọ ọmọ yìí? Kí lẹ jẹ́ sí i? Bàbá rẹ̀ dà?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n lè bi ìyá tó bá dá mú ọmọ kékeré dé pápákọ̀ òfurufú. Ìyá á dáhùn àkọ́kọ́ wẹ́rẹ́. Á dáhùn ìkejì tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìkẹta, ẹ ó rí i tí ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há sí i lọ́fun. “Ó wà nílé.” Ó wà nílé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá fi hàn pé ó mọ̀ pé ẹ ń gbé ọmọ lọ? Ibẹ̀ lẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń ṣòwò, tẹ́ ẹ ń ránṣọ, tẹ́ ẹ ń dirun, tẹ́ ẹ ń sè fún olóde ní agbègbè Álẹ̀n Áfẹ́níù, ní Òpèbí, ní Tóyìn, títí dé Agége, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lórí Álẹ̀n yìí, ajẹ́ńtì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kò wọ́n. Owó yín ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì tà á fún yín kíá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló máa rántí béèrè pé, “Ìyá, lẹ́tà bàábá ọmọ ńkọ́?” Ìgbà tí wọ́n bá dá yín dúró, tí bàálù gbéra, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì sì wọmi, ojú yín ni yóò já a.

ÌWÉ MÉJÌ, IṢẸ́ MÉJÌ

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé sẹ́tífíkéètì ọjọ́ ìbí ti tó. “Ṣebí orúkọ mi ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá? Kí ni wọ́n tún ń wá?”

Ẹ gbọ́ ná. Ìwé ọjọ́ ìbí, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé yẹn kan náà ló sì sọ pé bàbá kan wà, torí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda ni ìwé kejì, èyí tí òbí tí kò bá ọmọ rìn fọwọ́ sí. Òun ló ń sọ pé ẹni kejì yẹn mọ̀ sí ìrìn àjò náà, pé ó sì gbà. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Ẹni tó mú ìwé ọjọ́ ìbí nìkan ti dáhùn “Kí lẹ jẹ́ sí i?”, kò tíì dáhùn “Bàbá dà?” Ẹni tó mú lẹ́tà bàbá nìkan, wọ́n á bi í pé báwo làwọn ṣe mọ̀ pé ẹni tó fọwọ́ sí i ni bàbá ọmọ lóòótọ́.

Bákan náà ló rí fún bàbá tó bá dá gbé ọmọ lọ. Ìyá ni yóò kọ lẹ́tà fún òun. Bó bá sì jẹ́ ìyá àgbà tàbí àǹtí ló ń mú ọmọ lọ, bàbá àti ìyá ni yóò jọ fọwọ́ sí i.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń béèrè rẹ̀ o. Ìyá mìíràn ti lọ, ó ti bọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Òun gan-an ló máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó dúró lọ́jọ́ tèmi lè má jẹ́ èyí tó dúró lọ́jọ́ tìrẹ.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń BÉÈRÈ?

Ẹ má rò pé wọ́n kórìíra ìyá ni. Ohun méjì ló kó wọn láyà sókè.

Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sóko ẹrú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi kan tórúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Etireno, tó ti gbéra ní Kútọnu tó forí lé Gàbọ̀n, padà sí Kútọnu lẹ́yìn tí wọn ò jẹ́ kó já èrò rẹ̀ síbi tó ń lọ. Gbogbo ayé ló ń pariwo pé ọmọdé tí wọ́n fẹ́ lọ fi ṣẹrú ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó dé, àwọn ọmọ tí wọ́n bá níbẹ̀ ò pọ̀ tó bí aráyé ṣe rò, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí kò sí bàbá tàbí ìyá wọn lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 2003, nílẹ̀ wa níbí, àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta tí wọ́n dá padà sílé ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà kan ló fà wọ́n lọ́wọ́ kọjá bodè, tó ní ọmọ òun ni tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Láti ìgbà yẹn lojú ti là.

Ìkejì ni ìjà bàbá àti ìyá. Nínú ìjà, ẹnìkan á jí ọmọ gbé sá lọ sílùú òkèèrè. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Hégì lọ́dún 1980 pé bí òbí kan bá gbé ọmọ sá, kí wọ́n dá ọmọ náà padà kíákíá síbi tó ń gbé. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èyí ló fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ọmọ wá síbí láti Lọ́ńdọ̀nù, tàbí wọ́n gbé e láti ibí lọ, ẹjọ́ tuntun lẹni tó kù nílé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ẹjọ́ olówó ńlá. Torí náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Nílùú Ọba, òfin wọn ti ọdún 1984 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òbí kan mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 jáde nílùú láìjẹ́ pé ẹnì kejì tó láṣẹ lórí ọmọ náà gbà. Ẹ sọ fún àbúrò yín tó fẹ́ gbé ọmọ wálé wá ṣọdún láti Pẹ́kàm̀, kó má lọ dẹ́ṣẹ̀ òfin láìmọ̀.

Nílẹ̀ tiwa náà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò lábẹ́ àbójútó bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tí ẹni náà kò bá fẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ló wà fún un, pàápàá tó bá jẹ́ pé wọ́n mú ọmọ jáde ní Nàìjíríà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sì lòfin yìí ń pè ní ọmọdé. Ẹ má wo ti pé ó ti ga jù yín lọ.

ÌYÁ ARÁNṢỌ KAN ÀTI ỌMỌ RẸ̀ OBÌNRIN

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ lójú ayé. Ìyá kan ń ránṣọ ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tó já sí Álẹ̀n. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń jó irin ní Agége. Àbúrò ìyá yìí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kó wá kí òun ní oṣù kẹjọ, kó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ dání, kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Oṣù kẹta ló ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Ó ṣe dáadáa, torí ohun tó kọ́kọ́ rò pé yóò gba ọ̀sẹ̀ kan gba oṣù méjì.

Ìwé ọjọ́ ìbí ló kọ́kọ́ wá. Káàdì tí ọsibítù fún un lọ́jọ́ tó bímọ ló ní. Wọ́n ní kò tó. Àjọ ìkànìyàn tí a ń pè ní NPC ni òfin ọdún 1992 fún níṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ, tiwọn sì ni wọ́n ń béèrè. Ó lọ gbà á. Lẹ́yìn náà ló gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìyẹn NIN, fún ọmọ, torí láìsí i kò sí pásípọ́ọ̀tù.

Ó wá kan pásípọ́ọ̀tù ọmọ. Láti orí Álẹ̀n, ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù Ìkẹjà tó wà ní Aláùsá kò jìnnà, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì ti ń sanwó, ní passport.immigration.gov.ng. Pásípọ́ọ̀tù ọmọdé, ọdún márùn-ún ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, owó ọlọ́dún márùn-ún yìí ti di 100,000 náírà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n ń gbà, lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí wà níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn pé lẹ́tà bàbá làwọn ń fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Ibí yìí ni àwọn ìyá kan ti máa ń ṣì í mú. Wọ́n á ní, “Ṣebí ilé ẹjọ́ ti ní ká má gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọkọ mọ́?” Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ti ọmọ. Ọ̀mọ̀wé Priye Iyalla-Amadi pe ìmígíréṣọ̀n lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Pọtakọ́ọ̀tù, nítorí wọ́n ní kó lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kó tó gba pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ dá a láre, wọ́n ní ó lòdì sí òfin ilẹ̀ wa láti ní kí abilékọ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù ìyá fúnra rẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn tú sílẹ̀. Ti ọmọ ṣì wà bó ṣe wà.

ORÚKỌ MẸ́TA, OBÌNRIN KAN

Nígbà tí ìyá aránṣọ yìí kó ìwé rẹ̀ lọ bá lọ́yà, lọ́yà tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó mi orí. Pásípọ́ọ̀tù ìyá, tó gbà kó tó lọ́kọ, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, orúkọ ọkọ ló kọ síwájú orúkọ tirẹ̀ nínú àyè ìyá. Ọmọ fúnra rẹ̀, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́. Ká ní wọ́n gbéyàwó ní kóòtù ni, ìwé ìgbéyàwó á so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdána ni wọ́n ṣe, kò sí bébà kankan.

Àwa Yorùbá mọ ìyàwó nípa ọmọ tó bí. Ìyá Lágbájá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó jókòó sí Hítírò, bébà nìkan ló mọ̀. Lójú tirẹ̀, obìnrin kan tórúkọ rẹ̀ yàtọ̀ ló mú ọmọ kan tórúkọ rẹ̀ yàtọ̀ dání. Ìjọba Ìlú Ọba fúnra wọn ti kọ ọ́ síta pé bí orúkọ ọmọ àti ti àgbàlagbà tó mú un dání kò bá bára mu, wọ́n lè béèrè ẹ̀rí: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìgbéyàwó tàbí ti ìkọ̀sílẹ̀, tàbí lẹ́tà òbí tó fi àyè sílẹ̀.

Ohun tí lọ́yà ní kó ṣe ni pé kó lọ búra ní ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà, níwájú kọmíṣánnà tó ń gba ìbúra, pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, pé òun ni ìyá ọmọ náà, pé ìdána ni òun àti bàbá ọmọ ṣe, ó sì dá ọjọ́ rẹ̀. Bébà kan péré, ó sì di gbogbo àlàfo náà.

Ẹ fara balẹ̀ gbé ìwé yín jáde lónìí kí ẹ wò ó. Kì í ṣe orúkọ ìdílé nìkan. Táíwò nínú ìwé kan, Táyé nínú èkejì, lẹ́tà kan tó fò nínú orúkọ, ọjọ́ ìbí tí oṣù rẹ̀ ṣíwájú ara wọn, gbogbo ẹ̀ lè di ìbéèrè. Ilé ni a ti ń tún un ṣe.

NÍGBÀ TÍ BÀBÁ KỌ̀

Ìyá rò pé ó ti parí. Ó gbé lẹ́tà síwájú ọkọ pé kó fọwọ́ sí i. Ọkọ ní òun ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Kí ló dé? Ó ní gbogbo ẹni tó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kì í padà wá mọ́, ìyàwó fẹ́ já òun sílẹ̀ ni, yóò sì gbé ọmọ òun lọ pátápátá.

Ẹ má bú u. Ẹ̀rù tó ń bà á gan-an ni ìdí tí ìwé ìyọ̀ǹda fi wà. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyá ọkọ pe àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì tún lẹ́tà kọ. Èyí tí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan kọ́kọ́ tẹ̀ sọ pé ìyá lè mú ọmọ lọ “síbikíbi nígbàkigbà.” Bàbá wo ni yóò fọwọ́ sí ìyẹn? Lẹ́tà tuntun dá ọjọ́ lílọ, ó dá ọjọ́ bíbọ̀, ó kọ àdírẹ́sì ilé tí wọn yóò dé sí. Bàbá gba fọ́tókọ́pì tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ó fi pamọ́. Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tó dá ọjọ́ àbọ̀ ń dáàbò bo ẹni tó dúró nílé gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dáàbò bo ẹni tó ń lọ.

Bí àwọn àgbà ilé ò bá lè yanjú ẹ̀ ńkọ́? Ìjọba Èkó dá ibi ìlàjà aráàlú sílẹ̀ lọ́dún 1999, wọn kì í gba owó, wọ́n á pe tọkọtaya jókòó. Bí bàbá bá sì kọ̀ jálẹ̀ láìnídìí, ilé ẹjọ́ ẹbí wà lábẹ́ òfin ọmọdé ti Èkó. Adájọ́ lè wo ohun tó dára jù fún ọmọ kó sì pàṣẹ. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ju lẹ́tà lọ.

BÍ LẸ́TÀ NÁÀ ṢE YẸ KÓ RÍ

Kò sí fọ́ọ̀mù kan tí gbogbo ayé ń lò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ kí òṣìṣẹ́ ibikíbi lè kà á, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ ọ́ pé:

“Èmi Lágbájá, tí mò ń gbé ní ojúlé báyìí ní Agége, tí nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ mi jẹ́ báyìí, ni bàbá tó bí Làkásègbè, tí wọ́n bí ní ọjọ́ báyìí, tí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jẹ́ báyìí. Mo yọ̀ǹda pé kí ó bá ìyá rẹ̀, Tàmẹ̀dò, tí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jẹ́ báyìí, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ báyìí, kí wọ́n sì padà sí Èkó ní ọjọ́ báyìí. Ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ni wọn yóò dé sí, ní àdírẹ́sì báyìí. Ìyá rẹ̀ lè gbà kí dókítà tọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Nọ́ńbà fóònù mi nìyí, ẹ lè pè mí.”

Ó tán. Bàbá á fọwọ́ sí i, á kọ déètì, á sì so fọ́tókọ́pì pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá tí wọ́n ń sọ yìí kò ní pásípọ́ọ̀tù. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ ló lò. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ìfọwọ́sí tó wà nínú lẹ́tà bá èyí tó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ mu. Ibẹ̀ ni àṣírí ìyá tó bá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i ti máa ń tú.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé e lọ síwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ. Kọmíṣánnà ìbúra ní ilé ẹjọ́ dára fún ìwé tí a ó lò nílé. Fún ìwé tó ń kọjá òkun, ẹ wá lọ́yà tó jẹ́ nótárì, torí òǹtẹ̀ nótárì ni wọ́n mọ̀ jù lókè òkun. Ọ̀dọ̀ ẹni yòówù tí wọ́n bá lọ, bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ìyá kò lè bá a búra. Bí ẹnìkan bá sọ lábẹ́ igi níta kóòtù pé “Ẹ mú owó wá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, bàbá ò ní láti wá,” òǹtẹ̀ ayédèrú ló fẹ́ tà fún yín. Ẹ gba rìsíìtì ilé ẹjọ́.

Bí wọ́n bá ń gba físà Ìlú Ọba fún ọmọ, ẹ rántí èyí: wọ́n máa ń kọ àgbàlagbà tí yóò bá ọmọ rìn mọ́ físà náà, ó sì lè jẹ́ ẹni méjì. Ìyá aránṣọ kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Lọ́yà ní kó fi orúkọ bàbá kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní bá wọn lọ. Bàbá ní pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Kò ní. Ni wọ́n bá fi ẹ̀gbọ́n ìyá tó ní pásípọ́ọ̀tù sí i, kó lè jẹ́ pé bí àìsàn bá dá ìyá dúró, ọmọ ṣì lè rìn.

BÍ BÀBÁ KÒ BÁ SÍ ŃKỌ́?

Bàbá mìíràn ti kú. Ìwé ikú tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ẹ mú dání. Pósítà òkú àti ìwé ètò ìsìnkú, bó ti wù kó dán tó, kì í ṣe ẹ̀rí.

Bàbá mìíràn wà lókè òkun. Kó lọ síwájú nótárì níbi tó wà, tàbí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́. Àwòrán tó fi sórí fóònù nìkan kò tó.

Bàbá mìíràn sá lọ láti ìgbà oyún, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá á búra ní kóòtù, á sọ òtítọ́ bó ṣe jẹ́: ìgbà tó rí i gbẹ̀yìn, ibi tó ti wá a, ẹni tó ń bọ́ ọmọ látìgbà náà. Bí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀ rí tí kóòtù sì ti fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá, àṣẹ kóòtù náà ni kó mú. Àwọn kan máa ń yan ọ̀nà ẹ̀bùrú, wọ́n á búra pé bàbá ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìbúra èké ń gbéni lọ sẹ́wọ̀n, ọjọ́ tí “òkú” náà bá sì yọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, ìyá ni yóò ṣàlàyé.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ̀ Ń GBA SẸ̀MẸ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ra ọjà ní Kútọnu àti Lómè, ẹ má rò pé ti bàálù nìkan là ń wí. Àdéhùn Ẹ́kówáàsì ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ ìlú ara wa láìgba físà, ká sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà ní kí ẹni tó ń rìn ní ìwé ìrìnnà tó ṣì péye àti káàdì àjẹsára. Kò yọ ọmọdé sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n kọjá bodè láìní ìwé, ẹni tó pọ̀n ọ́n ló ń fi ara rẹ̀ wewu.

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ sì ti le sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2005, wọ́n bá Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé láti jọ gbógun ti àwọn tó ń kó èèyàn tà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2006, wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ pé bí ọmọdé ṣe gbọ́dọ̀ rìn gan-an ló dá lé. Ọmọ tó bá ń rìn láìsí òbí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Torí náà ẹni tó fẹ́ lọ mú ọmọdé kan wá láti Kútọnu kó wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, kó tó ní “ọmọ àbúrò mi ni,” kó mọ̀ pé ẹnu lásán ò tó mọ́.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Sáúùtù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ọjọ́ ìbí tó ní orúkọ òbí méjèèjì àti lẹ́tà ìbúra ẹni tó kù nílé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2015, ariwo sì sọ, wọ́n dẹ okùn rẹ̀ fún àlejò lẹ́yìn náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì aṣojú ìlú tẹ́ ẹ̀ ń lọ kí ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

LỌ́JỌ́ ÌRÌN ÀJÒ

Ìyá aránṣọ kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú fáìlì kan: ìwé ọjọ́ ìbí, lẹ́tà bàbá, fọ́tókọ́pì ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, ìwé ìbúra orúkọ, lẹ́tà àbúrò rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbé fáìlì náà sínú báàgì ọwọ́. Kò kó o sínú àpótí ńlá, torí àpótí ti wọnú ikùn bàálù kí òṣìṣẹ́ tó ní “Ẹ mú ìwé wá.” Ó sì fi fọ́tókọ́pì kan sílẹ̀ fún bàbá ọmọ.

Ohun kan tó tún ṣe ni pé ó sọ fún ọmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ilé ẹni tí wọ́n ń lọ, àti ọjọ́ tí wọn yóò padà. Òṣìṣẹ́ lè tẹ̀ ba kó bi ọmọ léèrè lọ́tọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nírọ́, tàbí tí wọn ò sọ nǹkan kan fún, ojú rẹ̀ á máa yí kiri, ìyẹn nìkan sì tó láti mú ìfura wá.

Ní Hítírò, òṣìṣẹ́ wo lẹ́tà, ó wo ìwé ọjọ́ ìbí, ó bi ọmọ pé ta ló mú un wá. Ó ní màmá òun ni. Ta ni wọ́n ń lọ kí? Àǹtí òun ni. Nígbà wo ni wọ́n máa padà? Kí ilé ìwé tó wọlé. Òṣìṣẹ́ gbé fóònù, ó pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà. Ní oṣù kẹjọ, aago tiwọn àti tiwa kan náà ló ń lù, bàbá sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agége. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má pa fóònù lọ́jọ́ náà. Ó pa ẹ̀rọ ìjórin, ó gbé e. “Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ sí i.” Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, wọ́n kọjá.

Lẹ́tà tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò lọ, òkú ìwé ni. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe nọ́ńbà náà wò.

Ẹ̀yin tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa, kí àwọn ìyá yòókù lè kọ́gbọ́n níbẹ̀.